Ẹni kan ni àbí ẹni méjì? Ọ̀rọ̀ lórí Títù 2:13 àti "àti" tiwa

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Gíríìkì. Bíbélì Yorùbá méjì ni mo fi ń kọ́ kíláàsì mi. Ní Títù 2:13, ọ̀kan sọ ọ́ bí ẹni pé Ọlọ́run ńlá yàtọ̀ sí Jésù Olùgbàlà, ìkejì sọ ọ́ bí ẹni pé Jésù gan-an ni Ọlọ́run ńlá náà. Arákùnrin kan ní òfin Gíríìkì kan ti parí ẹjọ́ yìí: bí orúkọ méjì bá jọ pín ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo níwájú, ẹni kan náà ni wọ́n. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, báwo ló ṣe yẹ ká sọ ọ́ ní Yorùbá?

---

Atúmọ̀ Ìbàdàn

Òfin náà wà, ó sì lágbára. Àmọ́ ó ní ààlà, ẹni tó bá sì sọ ọ́ láìsọ ààlà rẹ̀ yóò kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Lẹ́tà Yorùbá ni màá fi kọ Gíríìkì níbí kí gbogbo wa lè kà á.

Gíríìkì máa ń fi ọ̀rọ̀ kékeré kan síwájú ọ̀rọ̀ orúkọ. Ọ̀rọ̀ náà a máa yí padà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí orúkọ ń ṣe: họ, bó bá jẹ́ òun ló ń ṣe nǹkan, tọn, bó bá jẹ́ òun ni wọ́n ṣe nǹkan sí, tu, bí nǹkan bá jẹ́ tirẹ̀. A ò ní irú rẹ̀ ní Yorùbá. "Náà" tiwa sún mọ́ ọn díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ò dọ́gba.

Ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ nìyí: *tu mẹgalu tẹu kai soterọs hemon Iesu Kristu*. *Mẹgalu tẹu* ni Ọlọ́run ńlá, *kai* ni "àti", *soterọs* ni Olùgbàlà, *hemon* ni "wa". Ẹ wo ibi tí *tu* wà. Níwájú Ọlọ́run ńlá nìkan ni. Nígbà tí *kai* kọjá tó sì kan Olùgbàlà, *tu* kejì ò sí níbẹ̀.

Ẹni tó kọ òfin yìí sílẹ̀ yékéyéké ni Gíránfìlì Ṣáàpù, ará Ìlú Ọba, nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1798. Bó ṣe là á sílẹ̀, orúkọ méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ènìyàn, kì í ṣe ti nǹkan. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ, kì í ṣe ọ̀pọ̀. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ àbísọ bíi Pétérù tàbí Jòhánù. Oyè tàbí àpèjúwe ni kí wọ́n jẹ́, bíi olúwa, arákùnrin, ìránṣẹ́, olùgbàlà. Bí gbogbo èyí bá pé, tí ọ̀rọ̀ kékeré náà bá wà níwájú èkíní tí kò sì sí níwájú èkejì, ẹni kan náà ni orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí.

Ẹ fi Pétérù Kejì dán an wò kẹ́ ẹ tó gbà mí gbọ́. Ní 1:11 ó kọ ọ́ pé *tu kuriu hemon kai soterọs Iesu Kristu*, Olúwa wa àti Olùgbàlà Jésù Kírísítì. Mi ò tíì rí ẹni tó sọ pé Olúwa ọ̀tọ̀, Olùgbàlà ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ wá padà sí 1:1 nínú ìwé kan náà: *tu tẹu hemon kai soterọs Iesu Kristu*. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yàtọ̀, *tẹu* dípò *kuriu*. Bá a bá ka 1:11 sí ẹni kan tá a wá ka 1:1 sí ẹni méjì, ó yẹ ká lè sọ ohun tó mú wa ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí gírámà kọ́ ló mú wa ṣe é.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwé Mímọ́

Ẹ ṣeun Bàbá. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn gan-an: ọ̀rọ̀ kékeré kan, ẹni kan, ọ̀rọ̀ kékeré méjì, ẹni méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ará pé ní Éfésù 4:11, "àwọn olùṣọ́-àgùntàn àti olùkọ́" jẹ́ oyè kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló wà níwájú méjèèjì. Ẹni tí kò bá lè kọ́ni kì í ṣe olùṣọ́-àgùntàn, òfin Gíríìkì ló sọ bẹ́ẹ̀.

---

Atúmọ̀ Ìbàdàn

Rárá o, ọmọ mi. Apá kan ohun tẹ́ ẹ sọ tọ̀nà, ṣùgbọ́n apá tó kù lè da gbogbo rẹ̀ rú.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀pọ̀. Ní Mátíù 16:1, àwọn tó wá dán Jésù wò ni *họi Farisaiọi kai Saddukaiọi*. *Họi* kan ṣoṣo ló wà fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Ṣé Farisí ni Sadusí? Ọ̀kan gba àjíǹde gbọ́, èkejì ò gbà á, wọ́n sì ń bára wọn jiyàn lórí ẹ̀. Ohun tí *họi* kan ń sọ níbẹ̀ ni pé wọ́n jọ wá, wọ́n sì fìmọ̀ ṣọ̀kan lọ́jọ́ náà. Torí náà, ní Éfésù 4:11, ó ṣeé ṣe kí olùṣọ́-àgùntàn àti olùkọ́ jọ wà nínú ìdìpọ̀ kan, ó ṣeé ṣe kí àwọn kan jẹ́ méjèèjì, ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo olùṣọ́-àgùntàn jẹ́ olùkọ́ kí àwọn olùkọ́ kan má sì jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn. Òfin Ṣáàpù ò dá sí ìyẹn. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé olùṣọ́-àgùntàn gbọ́dọ̀ lè kọ́ni, àmọ́ ibòmíràn nínú Ìwé Mímọ́ lẹ ti máa rí ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ wo orúkọ àbísọ. Ní Mátíù 17:1, nígbà tí Jésù mú àwọn mẹ́ta lọ sórí òkè, *tọn Pẹtrọn kai Iakobọn kai Ioannen* ni. *Tọn* kan, ènìyàn mẹ́ta.

Ibi tí ẹ ti ṣìnà jù ni "ọ̀rọ̀ kékeré méjì, ẹni méjì". Tọ́másì ló máa dáhùn fún mi. Nígbà tó rí ọgbẹ́ Jésù, ní Jòhánù 20:28, *họ kuriọs mu kai họ tẹọs mu* ló pariwo: Olúwa mi àti Ọlọ́run mi. *Họ* méjì pérépéré. Jésù nìkan ló dúró níwájú rẹ̀ tó ń bá sọ̀rọ̀. Òfin náà ò ṣeé dorí rẹ̀ kodò. Ọ̀rọ̀ kékeré kan níwájú oyè méjì ń so wọ́n mọ́ ẹni kan. Ọ̀rọ̀ kékeré méjì kò sọ ọ̀kankan, ohun tó yí i ká ló máa sọ fún ọ.

---

Màmá Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò gbọ́ Gíríìkì, n ò sì mọ̀ bóyá ibi tẹ́ ẹ ń lọ lèmi ń lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ẹni kan tàbí ẹni méjì" yìí ti dé bá mi rí, torí náà ni mo fi ní kí n sọ ọ́.

Nígbà tí màmá wa kú lọ́dún tó kọjá, òyìnbó la fi kọ ètò ìsìnkú, a sì ní kí ẹni tó ń tẹ̀wé bá wa yí iwájú ìwé padà sí Yorùbá. Màmá wa ni Ìyá Ìjọ wa. Ohun tí ó tẹ̀ síwájú ìwé ni "Ètò ìsìnkú ìyá wa àti Ìyá Ìjọ wa". A ò tètè rí i, ó ti tẹ igba ẹ̀dà. Lọ́jọ́ ìsìnkú, obìnrin kan tó ti Òfà wá fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rọra bi mí pé: "Àwọn méjì la ń sin ni? Àwòrán kan ṣoṣo ni mo rí." Ó dùn mí wọra. Mo ní "Àwọn náà ni Ìyá Ìjọ". Ó ní "Háà, wọn ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níbí."

Mo bi ẹni tó tẹ ìwé náà léèrè. Ó ní ohun tó wà nínú òyìnbó lòun kọ, ọ̀rọ̀ kan ò sọ nù níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ, kò fi ohunkóhun sílẹ̀. Ṣé irú èyí lẹ ń sọ àbí mo ti ṣi yín gbọ́?

---

Atúmọ̀ Ìbàdàn

Màmá, ẹ kú ara fẹ́ra kù, Ọlọ́run á dúró ti ẹbí. Ẹ ò ṣi wá gbọ́ rárá. Apá kejì ìbéèrè Olùkọ́ lẹ dáhùn yẹn, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ atúmọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bí Yorùbá ṣe ń to oyè ẹnì kan. "Aláàfin, Ikú Bàbá Yèyé, Aláṣẹ Èkejì Òrìṣà." Oyè mẹ́ta, ẹni kan, "àti" ò sí láàárín wọn. Bí akígbe bá ń ki ènìyàn, bó ṣe máa to oríkì mẹ́wàá léra wọn nìyẹn, kò ní fi "àti" sí i. Bó bá fi "àti" sí i, etí wa máa ronú pé ẹlòmíràn ló ń bọ̀. "Ọba àti Aláàfin wọlé": ó dá mi lójú pé ẹ máa wẹ̀yìn láti wo ẹnì kejì.

Gíríìkì ò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, *kai* láàárín oyè méjì lábẹ́ *họ* kan jẹ́ ọ̀nà tó mọ́ wọn lára láti ki ẹnì kan. Ní Éfésù 6:21, Tíkíkù ni *họ agapetọs adẹlfọs kai pistọs diakọnọs*, arákùnrin ọ̀wọ́n àti olóòótọ́ ìránṣẹ́. Ẹni kan ni Tíkíkù. Bí a bá kó *kai* yẹn wá sí Yorùbá ní tààrà tá a pè é ní "àti", a ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀, a ò sì fi ọ̀kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí *họ* kan ń ṣe ti bọ́ sílẹ̀ lọ́nà. Ohun tí ẹni tó tẹ ìwé yín ṣe nìyẹn, Màmá, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ ní Títù 2:13 nìyẹn.

Mo to oríṣi mẹ́rin tí mo ti rí tàbí tí mo ti gbìyànjú, ẹ kà wọ́n sókè kí etí yín bá mi ṣèdájọ́.

"Ìfarahàn ògo Ọlọ́run ńlá àti ti Olùgbàlà wa Jésù Kírísítì." "Ti" kejì yìí ló ṣe gbogbo ìpínyà. Ó pín ògo sí ọwọ́ méjì. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ ọ sí ẹni kan. Ẹni tó bá kọ "ti" síbẹ̀ ti fi *tu* kejì tí Pọ́ọ̀lù kò kọ síbẹ̀.

"Ìfarahàn ògo Ọlọ́run ńlá àti Olùgbàlà wa Jésù Kírísítì." Kò sí "ti", ṣùgbọ́n "àti" ṣì wà, "wa" sì rọ̀ mọ́ Olùgbàlà nìkan. Etí ṣì ń gbọ́ méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kan lè gbọ́ ọ.

"Ìfarahàn ògo Ọlọ́run wa ńlá, Olùgbàlà wa, Jésù Kírísítì." Oyè léra, bí akígbe. Ẹni kan ni, kò sí àríyànjiyàn.

"Ìfarahàn ògo Ọlọ́run wa ńlá tí í ṣe Olùgbàlà wa, Jésù Kírísítì." Ó ṣe kedere jù báyìí. Ó dà bí ẹni ń ṣàlàyé, Pọ́ọ̀lù sì ń kéde ni.

Ẹ̀kẹta ni mo fọwọ́ sí.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwé Mímọ́

Bàbá, mo gbà nípa àwọn Farisí, mo máa yí ohun tí mo ń kọ́ni lórí Éfésù padà. Àmọ́ ṣé a ò lè fi arọ́pò orúkọ mọ̀ ọ́n ní Yorùbá? "Bàbá mi àti olùkọ́ mi dé, *ó* jókòó", ẹni kan ni. "*Wọ́n* jókòó", ẹni méjì ni. Kí la tún ń wá?

---

Atúmọ̀ Ìbàdàn

Ta ló máa pe bàbá ẹ̀ ní "ó"? "Wọ́n" la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹyọ kan ni wọ́n ì báà jẹ́. Bí mo bá ní "bàbá mi àti olùkọ́ mi dé, wọ́n jókòó", kò sí bí ẹ ṣe máa mọ iye àga tó yẹ kẹ́ ẹ gbé wá. Ọ̀rọ̀ ìṣe tiwa náà kì í yí padà fún ẹyọ àti ọ̀pọ̀. Ohun tó kù fún wa ni "àti", "ti", ìdánudúró, àti ibi tá a gbé orúkọ sí. Ìdí nìyí tí "àti" kékeré fi wúwo tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa.

---

Ará Ẹ̀gbá ní Lọ́ńdọ̀nù

Mo fẹ́ fi kiní kan kún un nípa Ṣáàpù, ẹ má bínú bó bá yà díẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í ṣe àlùfáà, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ iṣẹ́ ni lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta aṣọ, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ ní Gíríìkì àti Hébérù. Òun náà ló jà fún ẹrú tí wọ́n ń pè ní Sọ́másẹ́ẹ̀tì ní kóòtù Lọ́ńdọ̀nù ní 1772. Ní 1787 ó wà lára àwọn tó dá ibùdó sílẹ̀ ní Sàró fún àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira. Ilẹ̀ Sàró yẹn ni wọ́n gbé Àjàyí Kíráótà lọ ní 1822 lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi Ìlú Ọba gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Àjàyí yìí ló wá di ọ̀gá nínú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ẹni tó kọ òfin náà àti ẹni tó kọ Bíbélì tiwa, ilẹ̀ kan náà ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tí mo mọ èyí, mo jókòó fún ìgbà díẹ̀ kí n tó tún lè kàwé lọ.

---

Aṣèwádìí

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè wá. Èmi gbà pé ẹni méjì ló wà ní Títù 2:13, kì í sì í ṣe nítorí pé n ò mọ òfin náà.

Lákọ̀ọ́kọ́, òfin náà ní àléébù níta Májẹ̀mú Tuntun. Ní Òwe 24:21, nínú Bíbélì Gíríìkì àtijọ́ tí àwọn Júù túmọ̀ láti Hébérù: *fọbu tọn tẹọn, huiẹ, kai basilẹa*, bẹ̀rù Ọlọ́run, ọmọ mi, àti ọba. *Tọn* kan. Ẹyọ ni, ènìyàn ni, oyè ni. Ẹni méjì sì ni. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Wínsítánlì ti kó irú èyí jọ láti ta ko Ṣáàpù láti 1805.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wo bí Pọ́ọ̀lù ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé Títù kan náà. Ní 1:4, oore-ọ̀fẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run Baba àti Kírísítì Jésù Olùgbàlà wa. Ẹni méjì, ó hàn gbangba. Ṣé ó máa gbàgbé ohun tó kọ ní orí kìíní kó tó dé orí kejì?

Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn onímọ̀ fúnra wọn ò fẹnu kò. Bíbélì Ọba Jémíìsì ti 1611 kọ ọ́ bí ẹni méjì. Àwọn tó tún un ṣe ní Ìlú Ọba ní 1881 kọ ẹni kan sínú ìwé, wọ́n fi ẹni méjì sí etí ojú ìwé. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní 1901 wá yí i padà: ẹni méjì nínú ìwé, ẹni kan ní etí. Bí òfin bá ti parí ẹjọ́, kí ló dé tí wọ́n ń gbé e lọ gbé e bọ̀ báyìí?

---

Atúmọ̀ Ìbàdàn

Inú mi dùn pé ẹ wá. Ẹni tó mọ ẹjọ́ tó sì lòdì sí mi wúlò fún mi ju ẹni mẹ́wàá tó kàn ń kan sáárá.

Òwe 24:21 yẹn, òótọ́ ni, n ò ní sọ pé kò sí. Àmọ́ ẹ tún un wò. *Huiẹ*, "ọmọ mi", ló wọ àárín Ọlọ́run àti ọba, ó já okùn náà. Hébérù ló sì wà lábẹ́ rẹ̀, atúmọ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Hébérù ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀. Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e: "má sì ṣe àìgbọràn sí ọ̀kankan nínú *àwọn méjèèjì*." Ó sọ fún wa pé méjì ni wọ́n. Ní Títù, kò sí ohun tó wọ àárín, kò sí "àwọn méjèèjì" lẹ́yìn, orúkọ ẹni kan ló wà ní ìparí: Jésù Kírísítì.

Mo gbà pé àpẹẹrẹ Wínsítánlì fi hàn pé òfin náà kò rinlẹ̀ bíi ti ìṣirò. Àṣà èdè ni, àṣà tó le dáadáa. Bí ẹ bá ní mo sọ̀rọ̀ lókè bí ẹni pé ó ti di irin, mo gbà fún yín.

Ní ti Títù 1:4, ẹ ka 1:3 mọ́ ọn. Ní 1:3, "Ọlọ́run Olùgbàlà wa" ni. Ní 1:4, "Kírísítì Jésù Olùgbàlà wa". Ní 2:10 ó padà sí "Ọlọ́run Olùgbàlà wa". Ní 3:4, Ọlọ́run. Ní 3:6, Jésù. Pọ́ọ̀lù ń fi oyè kan náà fún Baba àti Ọmọ ní àgbékalẹ̀ bẹ́ẹ̀ jákèjádò ìwé kékeré yìí. Ẹ̀yin rí i pé ó ń pín wọn sọ́tọ̀. Èmi rí i pé ó ń sún wọn mọ́ra, tí ó sì dé góńgó rẹ̀ ní 2:13. Ìwé kan náà la jọ ń kà.

Ohun kan tún wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ *tu* rárá. "Ìfarahàn" tó wà níbẹ̀, *ẹpifanẹia*, ẹ wá a kiri nínú àwọn ìwé tó ní orúkọ Pọ́ọ̀lù: 2 Tẹsalóníkà 2:8, 1 Tímótì 6:14, 2 Tímótì 1:10, 4:1 àti 4:8. Jésù ni ó ń farahàn ní gbogbo ibẹ̀. Kò sí ibi kan tí Baba ti ń ṣe *ẹpifanẹia*.

---

Aṣèwádìí

Ìfarahàn *ògo* ló kọ, Bàbá. Jésù fúnra rẹ̀ sọ pé òun ń bọ̀ nínú ògo Baba òun. Ó ṣeé ṣe kí Jésù farahàn kí ògo sì jẹ́ ti Ọlọ́run ńlá. Mo sì tún rò pé "Ọlọ́run" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ àbísọ lẹ́nu Pọ́ọ̀lù, bó sì bá jẹ́ orúkọ àbísọ, ó ti bọ́ sí ìta ààlà tí Ṣáàpù fúnra rẹ̀ pa.

---

Atúmọ̀ Ìbàdàn

Ti ògo, ó ṣeé gbà rò. N ò ní ọ̀rọ̀ tó máa pa á lẹ́nu pátápátá.

Ti orúkọ àbísọ, n ò gbà. A mọ orúkọ àbísọ nítorí pé kì í lọ́mọ: a kì í sọ "àwọn Pétérù" bí a ò bá ní ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. *Tẹọs* máa ń di *tẹọi*, "àwọn ọlọ́run", nínú Májẹ̀mú Tuntun gan-an. Ní Jòhánù 10:34, "ọlọ́run ni yín". Bẹ́ẹ̀ náà ni "ńlá" tó wà níwájú rẹ̀ ń mú un hùwà bí oyè. Ibi tí mo ti gbà pé ẹjọ́ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni 2 Tẹsalóníkà 1:12: *tu tẹu hemon kai kuriu Iesu Kristu*. *Tu* kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n "Olúwa Jésù Kírísítì" ti di orúkọ odindi lẹ́nu ìjọ àkọ́kọ́, a sì máa ń dá dúró láìní *tu*. N kì í fi ibẹ̀ jà. Ní 2 Pétérù 1:1 pàápàá, ìwé àtijọ́ kan tó lókìkí, èyí tí wọ́n ń pè ní Sìnáítíkù, ní "Olúwa" níbi tí àwọn yòókù ti ní "Ọlọ́run".

---

Màmá Ìlọrin

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń gbọ́. Ìbéèrè kékeré kan ni mo ní. Ẹ ní òfin náà wà fún ènìyàn nìkan. Nínú ẹsẹ yẹn kan náà, "ìrètí tó ní ìbùkún àti ìfarahàn ògo". Ṣé nǹkan kan nìyẹn náà, àbí nǹkan méjì la ń retí?

---

Atúmọ̀ Ìbàdàn

Màmá, ojú yín mú. Nínú Gíríìkì, *ten makarian ẹlpida kai ẹpifanẹian*: *ten* kan ṣoṣo wà fún ìrètí àti ìfarahàn. Ẹsẹ kan ṣoṣo ní oríṣi méjèèjì nínú, ti nǹkan níwájú, ti ènìyàn lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi apá kejì jà kì í rí apá kìíní.

Nǹkan nìwọ̀nyí, nítorí náà òfin Ṣáàpù ò fọwọ́ kàn wọ́n. *Ten* kan yẹn sọ fún wa pé wọ́n so mọ́ra. Ó ṣeé ṣe kí ìfarahàn náà jẹ́ ohun tí ìrètí ń retí, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ló gbé mi débẹ̀. Nítorí náà, n kì í kọ "ìrètí tó ní ìbùkún, èyí tí í ṣe ìfarahàn". "Àti" ni mo máa ń fi síbẹ̀, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára: "ìrètí aláyọ̀ àti ìfarahàn ògo". Etí Yorùbá ò ní dàrú, nítorí "àti" láàárín nǹkan méjì kì í pe ẹlòmíràn wọlé bí ó ṣe ń ṣe láàárín oyè.

---

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó fún Ọjọ́ Ìsinmi: ẹ̀kẹta Bàbá ní òkè, "Ọlọ́run wa ńlá, Olùgbàlà wa, Jésù Kírísítì", kí n sì fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ oríṣi tí Aṣèwádìí gbà sí abẹ́. Màá ní kí wọ́n kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú "ti" àti láìsí "ti", kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tó gbà gbọ́.

---

Aṣèwádìí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ tèmi. Lẹ́tà kan náà ni kẹ́ ẹ fi kọ méjèèjì. Bí ọmọdé bá rí ọ̀kan gàgàrà, ọ̀kan wínníwínní, ó ti mọ èyí tí olùkọ́ fẹ́.

---

Atúmọ̀ Ìbàdàn

Ó tọ̀nà. Mo fara mọ́ Aṣèwádìí níbí. Ṣùgbọ́n ti Bíbélì títẹ̀ yàtọ̀: atúmọ̀ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan kó fi ìkejì sí etí ojú ìwé, àwọn ará 1881 àti ti 1901 náà ò rí ọ̀nà mìíràn gbà.

---

Màmá Ìlọrin

Ìrántí ọdún kan màmá wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo pe ẹni tó ń tẹ̀wé láàárọ̀ yìí. Mo ní kó yọ "àti" kúrò, kó fi àmì ìdánudúró síbẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ kí òun má baà ṣì í. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ìyá wa, Ìyá Ìjọ wa."